Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ jíìmù: ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó jíìmù tán àmọ́ tí ẹsẹ̀ yín ò tíì gbé yín débẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mò ń kọ èyí sí. Aránṣọ ni mí, Mọ́lété ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọdún 19 rèé tí mo ti ń jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ di alẹ́. Lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, tí mo bá sì ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, àfi kí n dúró lágbede méjì kí n mí dáadáa kí n tó máa gùn ún lọ. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní òun ò rí àrùn kankan, pé àìlo ara ló ń dà mí láàmú, kí n wá nǹkan tí yóò fún ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn mi lágbára. Bí mo ṣe lọ sanwó oṣù kan nìyẹn ní jíìmù kan lọ́nà Òkè-Àdó.

Ọjọ́ 11 gbáko ni káàdì yẹn fi wà nínú báàgì mi kí n tó lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ni mò ń bẹ̀rù o, mo ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ojú àwọn èèyàn ni mò ń bẹ̀rù. Mo máa ń rò ó lóru pé màá wọlé, gbogbo wọn á yíjú sí mi, mi ò ní mọ ibi tí màá fọwọ́ mú, màá jókòó sódì lórí ẹ̀rọ kan, wọ́n á sì máa wò mí. Tó bá jẹ́ bó ṣe ń ṣe ẹ̀yin náà nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí ẹ̀rù yẹn mú mi ṣe.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tètè ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ Míkírà, mo débẹ̀ ní bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, torí aago yẹn gan-an ni gbogbo àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ máa ń ya wọbẹ̀. Ilé ti kún, orin ń dún, fáànù kàn ń gbé ooru káàkiri ni. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ kóòṣì ibẹ̀ wá kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n parí pẹ̀lú ẹni tó wà lọ́wọ́ mi, mò ń bọ̀ wá fi ẹ̀rọ hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan." Mo ní kó má ṣèyọnu, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n lò. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró tì mí kí àwọn tó kù máa wò pé ẹni tuntun ni mí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mi ò lè dúró yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi san án.

Ohun tí mo wá ni igun tí ojú ò pọ̀ sí. Mo rí ẹ̀rọ kan lẹ́bàá ògiri, ẹ̀rọ tí èèyàn ń jókòó sí tó máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti pátákó iwájú ẹ̀, lẹ́ẹ̀gì pírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni wọ́n to àwọn irin pẹlẹbẹ lérí ara wọn bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé, wọ́n kọ nọ́ńbà sára ìkọ̀ọ̀kan, pínnì kan sì wà tí èèyàn máa kì bọ ihò irin tó bá fẹ́ gbé, gbogbo irin tó wà lókè pínnì yẹn ni ẹ̀rọ máa gbé, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á jókòó jẹ́ẹ́. Lónìí mo lè ṣàlàyé ẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò wo pínnì rárá. Ojú kílò 70 ni ẹni tó lò ó kẹ́yìn fi í sí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe jókòó sórí ẹ̀. Ìjókòó náà sún mọ́ pátákó jù, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà mi, mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Mo tì í. Ó lọ. Ìtìjú ò sì jẹ́ kí n dìde, torí tí mo bá dìde, àfi kí n gba àárín èrò kọjá kí n tó dé ibi ẹ̀rọ mìíràn. Mo bá jókòó síbẹ̀, mò ń tì í, mò ń sinmi, mò ń tì í, ó tó ìgbà mẹ́fà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ á tó ìtì 15, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 90 lọ́jọ́ kan ṣoṣo fún ẹsẹ̀ tó ti jókòó fún ọdún 19. Kò dùn mí lásìkò yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọkàn sí èyí, kò dùn mí rárá, inú mi tiẹ̀ ń dùn. Nígbà tí mo dìde, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mo wá ibi fara lé, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tí tọ́wẹ́lì àti ike omi wà lórí ẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́kùnrin kan fi dé, ó ní, "Ẹ má bínú mà, mo ṣì wà níbẹ̀, omi ni mo lọ pọn." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sí ohun búburú kankan nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, àmọ́ ojú tì mí débi pé mo mú báàgì mi, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ Túsìdè, itan mi kàn le díẹ̀ ni. Mo ní à á, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí. Àfìgbà tó di òwúrọ̀ Wẹ́sìdè. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbé, orúnkún mi yẹ̀ wọ̀ọ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ògiri tí mo dì mú. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni mo fi sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè tẹ pẹ́dààlì ẹ̀rọ, ọmọ iṣẹ́ mi ló bá mi rán bùbá oníbàárà parí. Láti jókòó sórí ṣáláńgá, àfi kí n di ilẹ̀kùn mú.

Mo ti wá mọ ohun tó fà á báyìí. Ìrora iṣan tó bá ti inú iṣẹ́ tuntun wá kì í dé lójú ẹsẹ̀, ó máa ń lúgọ ni, lẹ́yìn bíi wákàtí 24 ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló sì máa ń burú jù, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Torí náà, bí ara ṣe rí nígbà téèyàn ń ṣe é lọ́wọ́ kò lè sọ bóyá ó ti pọ̀ jù. Èmi rò pé tó bá ti pọ̀ jù á dùn mí, màá sì dáwọ́ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ilé lẹ ti máa pinnu ẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ kó jẹ́ pé bó bá ṣe ṣe yín níbẹ̀ lẹ máa ṣe.

Mi ò lọ ní Wẹ́sìdè. Tọ́sìdè ni mo padà lọ, aago mẹ́wàá àárọ̀, owó tí mo san ló ń dùn mí. Ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe rí láàárọ̀! Èèyàn mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, kò sí ariwo, kóòṣì náà jókòó, kò síṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yín gbà yín láyè, ẹ lọ lásìkò tí èrò ò sí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Màmá kan wà níbẹ̀, irun wọn ti funfun dáadáa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n rí bí mo ṣe ń rọra gbé ẹsẹ̀, wọ́n pè mí. "Ọmọ mi, kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ?" Mo rò fún wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Báwo ni ìtọ̀ ẹ ṣe rí láàárọ̀ yìí?" Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní bó ṣe máa ń rí náà ló rí, ó pọ́n díẹ̀. Wọ́n ní ṣé kò dúdú bíi kóòkì, ṣé itan mi ò wú, ṣé mo lè gbé ẹsẹ̀ sókè tí mo bá jókòó. Mo gbé e, ó dùn mí àmọ́ ó gbéra. Wọ́n ní ó dáa, ìrora lásán ni.

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n torí mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Tí èèyàn bá fi iṣan tí kò tíì mọ́ lára ṣiṣẹ́ àṣejù, iṣan yẹn lè fọ́ débi pé ohun tó wà nínú ẹ̀ á máa tú sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì máa ru ẹrù yẹn. Àmì ẹ̀ ni ìtọ̀ tó dúdú bíi kóòkì tàbí tíì tí kò ní mílíìkì, iṣan tó wú tó le gan, ìrora tó kọjá ohun tí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe yẹ kó fà, àti àìlágbára tí ẹ ò fi ní lè lo ẹsẹ̀ tàbí apá yẹn. Ẹni tó bá rí ìyẹn, hósípítù ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo tàbí kéèyàn fi róòbù pa á. Kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ ẹni tuntun tó ṣe àṣejù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wà lára àwọn tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n tún ní ìrora tó bá wà káàkiri inú ẹran ara, lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, èyí tó bá ń gún èèyàn ní ojú kan lára oríkèé, bíi inú orúnkún tàbí èjìká, ìyẹn ni ká dáwọ́ dúró fún.

Màmá yìí ló pe kóòṣì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní mi ò sọ òótọ́ fún un lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pé mi ò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Mà, ọ̀pọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀." Kò jẹ́ kí n gbé nǹkan tó wúwo rárá lọ́jọ́ yẹn. Ó ní lórí lẹ́ẹ̀gì pírẹ́ẹ̀sì, bí a ṣe ń to ìjókòó ẹ̀ la máa kọ́, a ò ní ṣiṣẹ́.

Ibí yìí ló wá bọ́ sí ọ̀nà tèmi. Ẹni tó bá rán aṣọ á mọ̀ pé tí òwú bá ń já, ẹ ò ní kọ́kọ́ bínú sí òwú, ẹ máa wo bóyá abẹ́rẹ́ wọlé dáadáa, ẹ máa wo tẹ́ńṣàn, ẹ máa wo bí wọ́n ṣe fi bọ́bìnnì sí i. Ẹ̀rọ jíìmù náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ara ẹni tó lò ó ṣáájú yín ni wọ́n tò ó sí, kì í ṣe ara tiyín. Kóòṣì fi irin kékeré kan hàn mí lábẹ́ ìjókòó, téèyàn bá fà á, ìjókòó á máa sún síwájú sẹ́yìn, ihò wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ihò kejì ni mo lò ní Mọ́ńdè. Ó ní kí n sún un sẹ́yìn sí ihò karùn-ún, kí n gbé ẹsẹ̀ lé pátákó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra bíi fífẹ̀ èjìká, kí n wo orúnkún mi bóyá ó ká bí igun tábìlì. Ó ká bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá ti ẹ̀yìn yín mọ́ ìjókòó, mà. Tí ìdí yín bá ń gbéra lórí ìjókòó nígbà tó bá ń padà bọ̀, ó ti sún mọ́ jù nìyẹn, ẹ̀yìn yín ló ń gba ẹrù." Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ní Mọ́ńdè, ṣe ni ìdí mi ń ká sókè ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀, tìtorí ẹ̀yìn ni mo ṣe wá síbẹ̀.

Ó fi pínnì sí irin àkọ́kọ́, èyí tó fúyẹ́ jù. Ó ní kí n fi gìgísẹ̀ tì í, kì í ṣe ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí n mí jáde bí mo ṣe ń tì í, kí n mí wọlé bó ṣe ń bọ̀, kí n má sé èémí mọ́nú torí ìyẹn ló ń jẹ́ kí òòyì kọ́ àwọn mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ wọn á sì ru sókè lójijì. Tí ẹsẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tán, kí n dúró, kí n má gan orúnkún pa. Lẹ́yìn náà kí n má jẹ́ kó já lu ilẹ̀, kí n dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n ka 1, 2, 3. Dídá a padà yìí gan-an ló máa ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìrora ọjọ́ kejì, ó sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí iṣan lágbára, torí náà èèyàn ò gbọdọ̀ fò ó, ó kàn máa fi ẹrù kékeré ṣe é ni. Mo ti irin kékeré yẹn ní ìgbà mẹ́wàá, ó sì yà mí lẹ́nu pé mo mọ̀ ọ́n lára ju kílò 70 lọ, nínú itan lọ́hùn-ún.

Ẹ̀rọ mẹ́ta mìíràn ló fi hàn mí. Mi ò ní fi gbogbo wọn dá yín dúró, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹ to ìjókòó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan pínnì. Èyí tí a ń fi ọwọ́ tì síwájú, ṣẹ́ẹ̀sì pírẹ́ẹ̀sì, ẹ máa gbé ìjókòó ẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀ títí ibi tí ọwọ́ ń dì mú fi máa bá àárín àyà yín dọ́gba, tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, èjìká yín á máa sá lọ bá etí, ọrùn ló máa ro yín lálẹ́. Èyí tí a ń fà wálẹ̀ látòkè, púùlù-dáàùn, ó ní tìmùtìmù kan tó yẹ kó tẹ itan mọ́lẹ̀ kí irin má baà gbé yín dìde, iwájú sí òkè àyà lẹ máa fà á sí, ẹ má fà á sí ẹ̀yìn ọrùn bí mo ṣe rí àwọn kan tó ń ṣe. Ìkẹrin ni èyí tí a ń fà sí ìhà ikùn bí ẹni ń tukọ̀, àyà máa wà lórí tìmùtìmù ẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ la máa fọkàn sí pé à ń fà sẹ́yìn, kì í ṣe ọwọ́. Ìyẹn ló bá ẹ̀yìn tèmi lára mu jù.

Ohun kan tó máa ń da èèyàn rú ni nọ́ńbà. Mo rò pé tí mo bá gbé kílò 20 lórí ẹ̀rọ kan, màá lè gbé 20 lórí èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀, okùn àti kẹ̀kẹ́ inú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, jíìmù mìíràn gan-an, 20 wọn lè má jọ tibí. Nọ́ńbà yẹn wà kẹ́ ẹ lè rántí ohun tẹ́ ẹ lò lórí ẹ̀rọ yẹn gan-an ni, kò wà fún kẹ́ ẹ fi wé ti ẹlòmíràn. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó yẹ yín nìyí: ẹ fi pínnì sí irin tó fúyẹ́ jù, ẹ ṣe 10. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ṣì lè ṣe mẹ́jọ mìíràn sí i láìsí wàhálà, ẹ sún pínnì sílẹ̀ ní irin kan, ẹ sinmi, ẹ tún gbìyànjú. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i pé lẹ́yìn ìkẹwàá, méjì tàbí mẹ́ta péré ló kù lára yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí lọ́sẹ̀ yẹn. Ní tèmi, ó bọ́ sí kílò 10 fún èyí tí a ń tì síwájú, 20 fún èyí tí a ń fà wálẹ̀, 15 fún èyí tí a ń fà sí ikùn. Lẹ́ẹ̀gì pírẹ́ẹ̀sì ní tiẹ̀, Sátidé tí ẹsẹ̀ mi ti yá la tó wọ̀n ọ́n, 30 ló jẹ́. Mo fi 70 ṣe é ní Mọ́ńdè! Mo kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà, orúkọ ẹ̀rọ, ihò ìjókòó, kílò, torí ẹ máa gbàgbé ihò ìjókòó ṣáájú ohunkóhun mìíràn.

Màmá ló kọ́ mi ní ìwà ibẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé fún wọn. Wọ́n ní tọ́wẹ́lì tàbí ike omi tẹ́ ẹ bá rí lórí nǹkan níbẹ̀, bíi fìlà tí wọ́n fi sórí àga lóde àríyá ni, ẹni tó ni í ń bọ̀. Ẹ kàn bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan wà níbí?" Tí ẹni náà bá wà tó sì ń sinmi, ó tún tọ́ kẹ́ ẹ sọ pé, "Ṣé mo lè ṣe tèmi nígbà tẹ́ ẹ bá ń sinmi?" Ọ̀pọ̀ máa gbà, ẹ kàn rántí dá pínnì wọn padà síbi tẹ́ ẹ bá a. Òógùn Ìbàdàn yìí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mú tọ́wẹ́lì méjì lọ, kékeré kan fún ojú yín, èkejì fún ìjókòó, ẹ tẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó jókòó, kẹ́ ẹ sì nu ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde. Irin ọwọ́ tẹ́ ẹ bá gbé, ẹ dá a padà sí àyè ẹ̀, torí ẹni tó máa tẹ̀lé yín lè máà lágbára láti bá yín gbé e kúrò. Ẹ má kí ẹni tó ń gbé irin lọ́wọ́, Yorùbá ni wá a fẹ́ràn ìkíni, àmọ́ ẹ jẹ́ kó gbé e kalẹ̀ ná, ẹ má sì gba iwájú ẹ̀ kọjá pẹ́kípẹ́kí. Èyí tí mo máa fi kún un fúnra mi: fóònù. Ẹni tó bá jókòó sórí ẹ̀rọ tó ń ka Wáàsáàpù, ó ń dá ẹlòmíràn dúró, kó dìde kó lọ kà á níbi ògiri. Mo rí i lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń bí mi nínú gan-an.

Ní ti pé wọ́n ń wò mí, mo wò yíká lọ́jọ́ Sátidé, ilé kún. Ẹni tó ń gbé irin ń wo ara ẹ̀ nínú dígí, ẹni tó ń sinmi ń wo aago tàbí ilẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin bẹ́ǹṣì ọjọ́ Mọ́ńdè wà níbẹ̀, mo kí i, kò tiẹ̀ rántí mi.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ tírẹ́dímììlì, ẹ̀rọ téèyàn ń rìn lórí ẹ̀. Ohun tó rọrùn jù lójú ló jẹ́, torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tuntun ṣe ń sá lọ síbẹ̀, àmọ́ òun nìkan ni ilẹ̀ ti ń sá lábẹ́ èèyàn. Ẹ má tan án nígbà tẹ́ ẹ bá dúró lórí bẹ́líìtì. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì sí etí ẹ̀ tí kì í yí, ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó máa lọ ní 3, ìyẹn kìlómítà 3 ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gbé ẹsẹ̀ lé e. Okùn kékeré kan wà tó ní nǹkan ìkọ́ lẹ́nu, pupa ló sábà máa ń jẹ́, ẹ kọ́ ọ mọ́ aṣọ yín, tẹ́ ẹ bá ṣubú tàbí tẹ́ ẹ bá sún sẹ́yìn jù, á yọ, ẹ̀rọ á sì dúró. Mi ò rí ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ ọ níbẹ̀, èmi ń kọ́ ọ. Ní Sátidé yẹn, mo wà lórí ẹ̀ ní 4 ni iná lọ. Bẹ́líìtì dúró gìdì, ara mi ṣì ń lọ síwájú, ọpẹ́lọpẹ́ irin iwájú tí ọwọ́ mi ò jìnnà sí. Ẹnì kan tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi àyà gbá a. Níbi tí iná ti máa ń lọ bí tiwa yìí, rírìn ni kẹ́ ẹ máa rìn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ má sáré, tí iná bá sì lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, ẹ má dúró lórí ẹ̀ de jẹnẹrétọ̀.

Ohun tí mo ṣe ní Sátidé náà ni mo ṣì ń ṣe, ó sì kéré lójú, kò gbà ju ìṣẹ́jú 45 lọ. Màá rin ìṣẹ́jú márùn-ún lórí tírẹ́dímììlì títí ara á fi móoru. Lẹ́ẹ̀gì pírẹ́ẹ̀sì, ìgbà 10, màá sinmi tó ìṣẹ́jú méjì, màá tún ṣe 10. Èyí tí a ń fà wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tí a ń tì síwájú, bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tí a ń fà sí ikùn, bẹ́ẹ̀ náà. Màá tún rin ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí. Lẹ́ẹ̀mejì-méjì péré lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ ìsinmi kan ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì, bíi Mọ́ńdè, Wẹ́sìdè, Fúráìdè. Oúnjẹ, mo gbìyànjú láti jẹ àmàlà kí n tó lọ ní wákàtí kan péré, ó ń gun òkè bọ̀ lórí ẹ̀rọ, wákàtí méjì sí mẹ́ta ló tó fún oúnjẹ tó wúwo, tí kò bá sí àyè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ kejì Sátidé yẹn, mo rọra ń retí ìrora. Itan mi le díẹ̀ nígbà tí mo jí, mo sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, iwájú ni mo kọ sí, mi ò di ògiri mú. Mọ́ńdè, ọjọ́ tó yẹ kó burú jù, bákan náà ló rí.

Mo padà lọ lálẹ́ Mọ́ńdè yẹn. Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé mi, mo wo ohun tí mo kọ. Lẹ́ẹ̀gì pírẹ́ẹ̀sì, ihò 5, kílò 30: mo ṣe 10 lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé márùn-ún ṣì kù lára mi, mo bá sún pínnì sí irin kan nísàlẹ̀, mo kọ 35. Èyí tí a ń tì síwájú, kílò 10, nígbà tí mo dé ìkẹjọ lẹ́ẹ̀kejì, èjìká ọ̀tún mi ti ń gbéra lọ sí etí. Mo fi í sílẹ̀ sí 10.